Rìsíìtì Inú Fọ́tò: Bí Owó Ọjà àti Owó Orí Ṣe Ń Wọ Inú Tábìlì Láìṣì

Bébà tí ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì fi ń tẹ rìsíìtì kò lo yíǹkì rárá. Kẹ́míkà kan ni wọ́n fi ra ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gbóná bá ti kàn án, ibẹ̀ á dúdú. Ohun tó mú kó rọrùn láti tẹ̀ náà ló mú kó rọrùn láti bàjẹ́. Oòrùn, epo ọwọ́ àti ọ̀rá ike lè mú kí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ṣá títí tí kò fi ní ṣeé kà mọ́. Bí wọ́n bá sì gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó gbóná, gbogbo bébà náà lè ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí oníṣòwò tó kó rìsíìtì sínú páálí láti oṣù Kìíní fi lè ṣí i ní ìparí ọdún kó bá bébà funfun tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lójú.

Fọ́tò tí wọ́n bá yà lọ́jọ́ tí wọ́n ra ọjà kì í ṣá. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò ṣeé rò pọ̀. Ẹni tó bá ní igba fọ́tò rìsíìtì nínú fóònù kò tíì mọ iye tó ná lórí ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ èyí tó jẹ́ owó orí nínú owó tó san. Kí ó tó mọ̀ ọ́n, ọjà kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀, àròpọ̀ àti owó orí ní láti kúrò nínú àwòrán, kí wọ́n wá bọ́ sínú òpó àti ìlà tí Excel tàbí Google Sheets lè ṣírò.

Ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Google Lens máa ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú àwòrán. Excel orí fóònù ní àyè kan tó ń sọ fọ́tò di tábìlì. Tesseract, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti wà tipẹ́: ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló ṣe é láàárín ọdún 1985 sí 1994, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Kíkà kọ́ ni ìṣòro tó kù. Ìṣòro tó kù ni bí ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ kà kò ṣì, nítorí pé ẹ̀rọ tó ka 8 sí 3 kì í kígbe, nọ́ńbà tó ṣì náà á kàn jókòó sínú tábìlì bí èyí tó péye.

Ó dára pé rìsíìtì yàtọ̀ sí lẹ́tà tàbí ìwé ìròyìn. Ìṣirò ni, ìdáhùn ìṣirò náà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìsàlẹ̀ rìsíìtì yẹ òkè rẹ̀ wò lè rí ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ẹ̀rọ bá ṣe, yóò sì mọ ìlà tó wà.

Fọ́tò tí ẹ̀rọ lè kà

Bébà rìsíìtì súpámákẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 80. Ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba owó káàdì jẹ́ nǹkan bíi 58. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń tọ́jú Tesseract máa ń fúnni ni pé kí àwòrán ní dọ́ọ̀tì 300, ó kéré tán, nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 80 lé díẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́ta, nítorí náà rìsíìtì náà gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi píksẹ́lì 950 ní fífẹ̀ nínú fọ́tò. Fóònù tó ń ya fọ́tò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 3,000, tó sì ga ní 4,000, á ṣe é wẹ́rẹ́, bí rìsíìtì bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ fọ́tò.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń ní kí ọmọ ìṣọ̀ fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ síbẹ̀, WhatsApp sì máa ń dín fọ́tò kù kó tó gbé e lọ. Bí fọ́tò tó ga ní píksẹ́lì 4,000 bá dín kù sí 1,600, rìsíìtì tó gba píksẹ́lì 1,000 ní fífẹ̀ á ku 400. Ojú ènìyàn ṣì lè kà á. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa 8, 3, 6 àti 0 pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, kí ó lè dé bó ṣe wà.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dára ju fíláàṣì lọ, nítorí bébà yìí máa ń dán, fíláàṣì á sì fi àmì funfun bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì tó dúdú, kí wọ́n na ibi tó ká kò, kí fóònù sì dojú kọ ọ́ gan-an láti òkè. Bí rìsíìtì bá gùn, fọ́tò méjì ló yẹ, kí ìlà méjì tàbí mẹ́ta ìsàlẹ̀ èkíní tún hàn lókè èkejì kí ohunkóhun má baà bọ́ sí àárín. Ìlà tó bá farahàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni kó wọ tábìlì.

Láti ọ̀rọ̀ sí òpó

Ká mú obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà ní Ìbàdàn, tó lọ ra nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ ni rìsíìtì tó wà nísàlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń rí nìyí:

```
05/04/2026  16:42
BREAD LARGE          1,800.00 Z
RICE 5KG            11,500.00 Z
DETERGENT 900G
  2 x 2,150.00       4,300.00 V
AIR FRESHENER        4,850.00 V
DISH SOAP 750ML      2,100.00 V
DISCOUNT              -500.00 V
SUBTOTAL            24,050.00
VAT 7.5% INCL          750.00
TOTAL               24,050.00
CASH                25,000.00
CHANGE                 950.00
```

Ẹni tó bá ń lo Tesseract lórí kọ̀ǹpútà á kọ àṣẹ kan ṣoṣo:

```
tesseract risiiti.jpg risiiti --psm 6 -c preserve_interword_spaces=1
```

`--psm 6` ń sọ fún un pé kó ka àwòrán náà bí odindi ìpín ọ̀rọ̀ kan, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, kó má ṣe pín in bí ojú-ewé ìwé ìròyìn. Láìsí i, ó lè ka gbogbo orúkọ ọjà tán kó tó wá ka gbogbo iye owó, kò sì sí ẹni tó máa mọ èyí tó jẹ́ ti èwo mọ́. Apá kejì àṣẹ náà ń jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín orúkọ ọjà àti owó rẹ̀ ṣì wà. Àbájáde rẹ̀ jẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, `risiiti.txt`. Kò tíì di tábìlì.

Láti sọ ọ́ di tábìlì, apá ọ̀tún ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìlà. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni àmì owó orí, nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ni owó ìlà náà, ohun tó kù ní apá òsì sì ni orúkọ ọjà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì á kó sínú ìjọ̀ngbọ̀n kíá, nítorí nọ́ńbà wà nínú orúkọ pẹ̀lú: 5KG, 900G, 750ML. Kò sí èyí tó jẹ́ owó nínú wọn.

Ìlà ọṣẹ ìfọṣọ ló le jù. Orúkọ wà lórí ìlà kan, iye tó rà àti owó ẹyọ kan wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Òfin tó ń ràn ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ rọrùn: ìlà tí kò bá ní owó ní ìparí rẹ̀ kò tíì parí, ó ń dúró de ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ̀dínwó náà ìlà tirẹ̀ ni, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Àmì kékeré yẹn ni ẹ̀rọ máa ń sọnù jù, tí owó tí wọ́n dín kù fún oníbàárà á wá di owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti `SUBTOTAL` lọ sísàlẹ̀ kì í ṣe ọjà mọ́. Àwọn ètò kan máa ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù lórí rìsíìtì, wọ́n á ní òun ni àròpọ̀. Níbí, nọ́ńbà tó tóbi jù ni 25,000, ìyẹn owó tí obìnrin náà kó lé agbowó lọ́wọ́ kí ó tó gba ṣéńjì 950. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ló ń sọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́, títóbi rẹ̀ kọ́. Àròpọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ òpó kan náà pẹ̀lú owó ọjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Excel á rò ó mọ́ ọn, ìnáwó á sì di ìlọ́po.

Bí ìlà ọjà ṣe máa wọ inú fáìlì CSV nìyí:

```
ojo,oja,iye,owo_eyo,owo_ila,koodu
2026-04-05,BREAD LARGE,1,1800.00,1800.00,Z
2026-04-05,RICE 5KG,1,11500.00,11500.00,Z
2026-04-05,DETERGENT 900G,2,2150.00,4300.00,V
2026-04-05,AIR FRESHENER,1,4850.00,4850.00,V
2026-04-05,DISH SOAP 750ML,1,2100.00,2100.00,V
2026-04-05,DISCOUNT,1,-500.00,-500.00,V
```

Kọ́mà tó wà nínú 1,800.00 ti kúrò, nítorí kọ́mà ni CSV fi ń ya òpó sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, búrẹ́dì á di náírà kan, 800 á sì sá lọ sínú òpó kejì. Wọ́n tún yí ọjọ́ padà. 05/04 jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Kíkọ ọdún ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìkà. Ẹni tó bá sì kọ orúkọ ọjà ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn kó yan `CSV UTF-8` nígbà tó bá ń tọ́jú fáìlì, kí ẹ àti ọ má baà di àmì ìbéèrè.

Ìsàlẹ̀ ń jẹ́rìí sí òkè

Nígbà tí tábìlì bá ti wọ Excel, ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n bi í. Èkíní wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan: ṣé iye ọjà, tí a bá fi owó ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀, jẹ́ owó ìlà? Èkejì wà fún gbogbo òpó: ṣé àròpọ̀ àwọn ìlà bá `TOTAL` mu? Ẹ̀kẹta wà fún owó orí: ṣé ohun tó jáde láti inú àwọn ìlà V bá `VAT` mu?

```
=C4*D4-E4
=SUM(E2:E7)-24050
=ROUND(SUMIF(F2:F7,"V",E2:E7)*7.5/107.5,2)-750
```

Bí gbogbo rẹ̀ bá péye, òdo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbé jáde. Ká ní ẹ̀rọ ti ka 4,850 sí 4,350 ńkọ́? Àròpọ̀ á di 23,550, ìdáhùn kejì á sì jẹ́ -500. Àìtó ẹgbẹ̀ta dín ọgọ́rùn-ún náírà yìí ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ńbà kan wà ní ipò ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kà dín ní márùn-ún. Ìdáhùn kẹta á jẹ́ -34.88, èyí tó fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ìlà V ló ṣì, nítorí búrẹ́dì àti ìrẹsì kò dé ibi ìṣirò owó orí. Ọṣẹ ìfọṣọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, nítorí 2 nínú 2,150 jẹ́ 4,300 gẹ́lẹ́. Ìlà ọjà méjì ló kù, ìlà òórùn dídùn àti ìlà ọṣẹ ìfọwo. Èyí tó ní 3 tó lè jẹ́ 8 nínú wọn ni òórùn dídùn. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa padà sí fọ́tò láti wò, dípò gbogbo rìsíìtì.

Àìbáramu mìíràn ní ìrísí tirẹ̀. Bí àmì ìyọkúrò bá sọnù lára ẹ̀dínwó, àròpọ̀ á fi 1,000 lé, ìyẹn ìlọ́po méjì 500. Nítorí náà, bí àléékún bá jẹ́ ìlọ́po méjì owó ìlà kan, àmì ló yí padà. Bó bá jẹ́ owó ìlà kan gan-an ló dín, ìlà náà ni ẹ̀rọ fò. Bó bá ṣe pé dọ́ọ̀tì ló sọnù, tí 1,800.00 di 180000, àléékún á tóbi débi tí kò sí ẹni tí kò ní rí i. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní àmì tirẹ̀ náà: bó bá gbé nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ara wọn, tó kọ 2,510 dípò 2,150, ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń ṣeé fi 9 pín. 360 nìyí, 9 wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 40.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àpẹẹrẹ yìí kan náà sì lè fi hàn. Ká ní ẹ̀rọ ka òórùn dídùn sí 4,350, tó tún fo ìlà ẹ̀dínwó pátápátá. Àṣìṣe kan dín 500, èkejì fi 500 kún un, àròpọ̀ á sì jẹ́ 24,050 gẹ́lẹ́. Ìlà V méjèèjì ni, nítorí náà owó orí náà á jẹ́ 750. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ òdo, tábìlì á sì ṣì ní ìlà méjì. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òun ni ìdí tí ó fi yẹ kí ènìyàn ka iye ìlà inú tábìlì, kó ka ti inú fọ́tò, kó rí i pé wọ́n dọ́gba kó tó gba òdo gbọ́.

Owó orí tó fara pamọ́ sínú iye ọjà

Owó orí ọjà ni rìsíìtì ń pè ní `VAT`. Ní Nàìjíríà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2020. Ìdá 5 ni tẹ́lẹ̀. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2026 kò yí ìdá náà padà, ó sì fi ti oúnjẹ pàtàkì sí òdo. Ìdí nìyí tí lẹ́tà kékeré ìparí ìlà fi ṣe kókó. Lórí rìsíìtì àpẹẹrẹ wa, Z ni ọjà tí owó orí rẹ̀ jẹ́ òdo, V sì ni èyí tí wọ́n gba owó orí lé. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn lè lo ìràwọ̀ tàbí lẹ́tà mìíràn, tí àlàyé rẹ̀ á wà ní ìsàlẹ̀ bébà.

`INCL` túmọ̀ sí pé owó orí ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà. Ibí ni àṣìṣe ènìyàn ti pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọ̀pọ̀ á mú 24,050, wọ́n á wá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, wọ́n á rí 1,803.75, èyí tó ju ìlọ́po méjì owó tí rìsíìtì sọ lọ. Wọ́n ṣì í lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n ka búrẹ́dì àti ìrẹsì mọ́ ọn, wọ́n sì gbàgbé pé owó orí ti wà nínú iye náà.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ro àwọn ìlà V nìkan pọ̀: 4,300, 4,850 àti 2,100 jẹ́ 11,250, yọ 500 ẹ̀dínwó, ó ku 10,750. Nínú owó yìí, ọjà jẹ́ 100, owó orí jẹ́ 7.5, àpapọ̀ wọn 107.5. Bí wọ́n bá fi 107.5 pín 10,750, tí wọ́n sì fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀, 750 ló máa jáde, kọ́bọ̀ kan kò ní lé. Ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ 10,000. Ìlà tó máa wọ inú tábìlì kejì, tí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀, nìyí: 13,300 fún ọjà Z, 10,000 fún ọjà V láìsí owó orí, 750 fún owó orí, 24,050 fún gbogbo rẹ̀.

Àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń fi owó orí kún un ní ìsàlẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ rìsíìtì náà ló ń fi hàn: bí `SUBTOTAL` pẹ̀lú `VAT` bá jẹ́ `TOTAL`, ìta ni owó orí wà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lásán ni ìṣirò rẹ̀. Bí `SUBTOTAL` àti `TOTAL` bá dọ́gba, inú ló wà. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Lọ́ńdọ́nù á sábà bá ti inú pàdé, níbi tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti jẹ́ gbèǹdéke: owó orí ibẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà iye tí wọ́n san lórí ọjà náà. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà á sábà rí i ní ìta, nítorí owó orí ọjà ìpínlẹ̀ kì í sí nínú iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà.

Ṣọ́ọ̀bù kan lè ṣírò owó orí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó mú un dé kọ́bọ̀ tó súnmọ́ ọn jù, kó tó rò wọ́n pọ̀. Nítorí náà, bí ìdáhùn kẹta bá fi kọ́bọ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀ sí òdo, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ṣì. Ìyàtọ̀ tó bá wọ náírà ni kó gbé ènìyàn dìde.

Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú rìsíìtì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, èyí tó ní ẹ̀dínwó àti ọjà tí wọ́n rà ju ẹyọ kan lọ, kó sì ṣe é dé ìparí kó tó kó igba fọ́tò jọ. Kí ó fún fọ́tò ní orúkọ tó ní ọjọ́ àti iye owó, bíi `2026-04-05_24050.jpg`, kó sì kọ orúkọ náà sínú tábìlì kejì kí ẹni tó bá ń yẹ ìwé wò lè rí fọ́tò ìlà kọ̀ọ̀kan. Títí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi jẹ́ òdo, tí iye ìlà yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ti fọ́tò, ẹ má ṣe gbé tábìlì náà fún oníṣirò owó yín.